Ọmọ tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì láìmọ ohun tó ń kà

"Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méje, wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìsánlú, kíláàsì kejì ló wà. Mo fẹ́ mú un wá sọ́dọ̀ mi ní Lọ́ńdọ̀nù tó bá pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò nílé ìwé ìjọba, kí n fi sí aládàáni tí wọn kì í ti í sọ Yorùbá rárá, kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lè dáa?"

Okun o. Ẹ má tíì sanwó. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ìwé kíkà ọmọ yẹn dé.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ kíláàsì kejì ní Kàbbà. Wọ́n mú ọmọbìnrin kan wá bá mi láti irú ilé ìwé aládàáni bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí omi, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan kà. Mo ní, "Ta ló ṣubú nínú ìtàn yìí?" Ó tún gbólóhùn àkọ́kọ́ kà fún mi. Mo bi í lẹ́ẹ̀kejì, ó ka gbólóhùn kejì. Àṣé lẹ́tà nìkan ló ń pè, ìtàn kankan ò wọlé. Owó ńlá làwọn òbí rẹ̀ ti san lórí ìyẹn.

Ẹ ní kí àbúrò yín kan jókòó ti ọmọ náà nírọ̀lẹ́, kó gba ohùn wọn sórí fóònù. Kó ka irú ìtàn yìí fún un: "Bàbá gbé iṣu mẹ́rin bọ̀ láti oko. Ọ̀kan já bọ́ sódò lójú ọ̀nà. Nígbà tó délé, ó ní kí ìyá se gbogbo èyí tó kù." Kó wá bi í: kí ló já bọ́? Iṣu mélòó ni ìyá sè? Ìdáhùn kejì kò sí nínú ìwé, orí ọmọ ló máa yọ ọ́ jáde. Lẹ́yìn náà, kó fún un ní ìtàn mìíràn tó gùn tó yẹn kó dá kà á, kó sì bi í ní ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Kó tún ṣe méjèèjì pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, látinú ìwé kíláàsì rẹ̀.

Tó bá dáhùn èyí tó gbọ́ ní Yorùbá, tí kò lè dáhùn èyí tó kà, òye rẹ̀ pé, lẹ́tà ni kò tíì mọ̀. Ìyẹn kò le. Tó bá ka Gẹ̀ẹ́sì ketekete ṣùgbọ́n tí kò lè dáhùn, tó sì jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n kà á sí i létí pàápàá kò yé e, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kò tíì ní. Bó ka ìwé títí ilẹ̀ fi mọ́, kò ní yé e. Ẹni tó máa bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì lójoojúmọ́ ló nílò. Bí ti Yorùbá tó gbọ́ náà kò bá yé e, kí ìyá yín fi èdè Yàgbà sọ ìtàn náà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rù. Yorùbá inú ìwé kì í ṣe ti ẹnu ọmọ wa pátápátá. Bó bá ṣì ń wò wọ́n láìdáhùn, ẹ mú un lọ yẹ etí wò.

Ọmọ tó bá kọ́kọ́ ka Yorùbá ti mọ̀ pé lẹ́tà ń dúró fún ìró, pé ìtumọ̀ ló yẹ kóun máa wá. Kò tún ní kọ́ èyí nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí kò bá a lọ ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn àti sípẹ́lì wọn tó lọ́ jánganjàngan.

Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ bí iṣẹ́ kan, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ló ń kọ́ wọn. Nígbà tó parí, àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì sí àwọn tó ti yí sí i lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ẹ fiyè sí i o: àwọn tí wọ́n fi wé wọn náà fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó fi Yorùbá kàwé fọ́dún mẹ́fà tún ní ìwé tuntun àti olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì gidi, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé ìjọba lọ́dọ̀ wa kò ní. Nítorí náà, èmi ò ní sọ pé Yorùbá nìkan ló ṣe é.

Ní oṣù kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi lọ sókè. Ọ̀gá ilé ìwé aládàáni náà lè fi ìyẹn dá yín lóhùn. Kí àbúrò yín béèrè ohun méjì péré: ta ló ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ni wọ́n sì ń ṣe fún ọmọ tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì? Bó bá jẹ́ fáìnì tàbí pàṣán ni, ẹ fi owó yín sápò, nítorí ọmọ tó ń bẹ̀rù kì í béèrè ohun tí kò yé e. Ká ní èmi ni, màá fi í sílẹ̀ níbi tó wà, màá fi owó yẹn wá ẹni tó máa bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì fún wákàtí kan lẹ́yìn ilé ìwé, màá sì ní kó máa ka ojú ewé kan Yorùbá fún ìyá yín lálaalẹ́.

Bẹ́ ẹ bá gba ohùn rẹ̀ tán, ẹ fi ráńṣẹ́ sí mi, pàápàá ibi tí wọ́n ti béèrè iye iṣu.