Èsì: Fídíò àṣìṣe márùn-ún tí kò dọ́gba

"Fídíò mi lórí àṣìṣe márùn-ún nínú síse ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù kò dọ́gba. Ẹ̀kẹta, ata àti omi, gba ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Ẹ̀kẹrin, ìkòkò tí a kò dé dáadáa, kò ju ìlà kan lọ."

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ pín ẹ̀kẹta sí méjì, nítorí àṣìṣe méjì ló wà nínú rẹ̀: ata tí a kò dín títí tí kíkan rẹ̀ yóò fi lọ, àti omi tí ó pọ̀ jù. Kí ẹ wá da ẹ̀kẹrin pọ̀ mọ́ ti omi, torí pé ìkòkò tí a kò dé pa ń jẹ́ kí oru sá lọ, ìrẹsì kò ní tètè rọ̀, alásè yóò sì máa bu omi sí i títí yóò fi di pọ́tọpọ̀tọ. Márùn-ún náà ló ṣì jẹ́.

Nínú fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta, bí ẹ bá yọ ìṣẹ́jú àáyá 15 fún ìbẹ̀rẹ̀ àti 15 fún ìparí, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ní 30. Ẹ kà á sókè, kí ẹ fi fóònù wọn àkókò rẹ̀. Gígùn rẹ̀ lójú ìwé máa ń tan ènìyàn jẹ. Èyí tí ó bá kọjá 40, ìtàn inú rẹ̀ ni kí ẹ gé, kì í ṣe àtúnṣe tí ẹ ń kọ́ni.

Bí ó bá jẹ́ pé láti orí 5 lẹ ti ń kà bọ̀ sí 1, ẹ lè fún ti ìkẹyìn nìkan ní 45, nítorí òun ni òǹwòran ń dúró dè, kí ẹ sì dín díẹ̀ kù lára àwọn yòókù kí gbogbo rẹ̀ má baà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta.