Ṣé nítorí pé irin le ju idẹ lọ ni?

Ìbéèrè: Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ ìṣíde yàrá ohun ìjà àtijọ́ tí a fẹ́ ṣí ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wa. Mo fẹ́ sọ bí àwọn tó ní irin ṣe ṣẹ́gun àwọn tó ń lo idẹ nítorí pé irin le jù. Mo tún fẹ́ gbé idà idẹ kan sókè lójú gbogbo èèyàn. Báwo ni kí ọ̀rọ̀ náà ṣe gùn tó, ibo sì ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ti tó, má kọjá mẹ́wàá. Orí ìdúró làwọn àlejò rẹ máa wà, ojú wọn á sì ti máa yà sí àwọn àpótí gíláàsì tó wà lẹ́yìn rẹ. Ní ti idà tí o fẹ́ gbé sókè, rárá ni. Mo máa padà síbẹ̀.

Ohun tó mú mi gbé kálàmù ni "nítorí pé irin le jù" yẹn. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń mú àlejò yípo, mo ti kà á nínú ìwé àwọn ọmọ iléèwé, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan sì wà tó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sára ògiri. Mo kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò fèsì. Àbúrò mi, kì í ṣe òótọ́. Tí o bá fi ṣe òpó ọ̀rọ̀ rẹ, ohun tó wà nínú yàrá yẹn gan-an ni yóò máa já ọ nírọ́.

Idẹ tí mò ń wí níbí ni bàbà tí wọ́n pò mọ́ táńganran, bí ìdá mẹ́sàn-án bàbà sí ìdá kan táńganran. Kì í ṣe èyí tó pupa rúsúrúsú tí wọ́n fi síńkì ṣe. Orúkọ kan náà la kàn ń pe méjèèjì. Asúdẹ á yọ́ ọ, á dà á sínú amọ̀ tàbí òkúta tí wọ́n ti gbẹ́ ní ìrísí idà. Nígbà tó bá tutù tán ló tó gbé e ka orí owú, tí á máa fi ọmọ owú lu ẹnu rẹ̀ láìfi iná sí i. Lílù yìí ló ń mú un le. Tó bá lù ú jù, ẹnu idà á sán, nítorí náà á fi iná díẹ̀ rọ̀ ọ́, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Tan iná tọ́ọ̀ṣì sí idà tó wà lọ́dọ̀ yín láti ẹ̀gbẹ́, kí o sì wo ẹnu rẹ̀ dáadáa. Nígbà míràn, ojú òòlù ṣì máa ń hàn níbẹ̀ wẹ́wẹ́ bí ìpẹ́ ẹja, àárín idà á sì dán gbọnrangandan.

Irin ò rí bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gbóná dé nǹkan bí 1,538 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì kó tó yọ́, nígbà tó jẹ́ pé bàbà á ti yọ́ ní 1,085. Iléru èédú àti ẹwìrì àwọn ará àtijọ́ kì í sábà gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ti inú iléru jáde ni òkìtì irin oníhò-níhò tí ìdàrọ́ lẹ̀ mọ́. Alágbẹ̀dẹ á máa fi iná sun ún, á máa lù ú, títí ìdàrọ́ á fi tán lára rẹ̀ tàbí tó kù díẹ̀. Bí kábọ́ọ̀nù láti ara èédú kò bá wọ inú irin náà, rírọ̀ ló máa ń rọ̀. Ẹnu idà idẹ tí wọ́n lù dáadáa lè le tó ìlọ́po méjì irú irin bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi idà irin rírọ̀ jà lè rí i kó tẹ̀ lójú ìjà, kó máa fi ẹsẹ̀ nà án padà.

Nígbà tó yá, àwọn alágbẹ̀dẹ mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí kábọ́ọ̀nù wọ inú irin, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń ti irin gbígbóná bọ omi kó lè le. Irú irin yẹn ló wá borí idẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni ìmọ̀ náà tàn, kò sì dọ́gba: idà kan ṣoṣo lè le ní apá kan kó rọ̀ ní apá kejì. Ṣáínà tún yàtọ̀ sí gbogbo èyí, torí wọ́n ti ń yọ́ irin tí wọ́n sì ń dà á bí idẹ kí ibi púpọ̀ tó mọ̀ ọ́n, nítorí náà má sọ pé "gbogbo ayé". Sọ ibi tí àwọn ohun ìjà inú yàrá yín ti wá.

Bí kò bá jẹ́ líle, kí ló dé tí wọ́n fi yà sí irin? Táńganran ni ọ̀rọ̀ wà. Bàbà wà níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí táńganran wà lágbàáyé kò pọ̀, ó sì sábà máa ń jìnnà sí ibi tí bàbà wà. Ẹni tó bá ń fẹ́ idà idẹ gbọ́dọ̀ ní ọkọ̀, ọ̀nà àti ọ̀rẹ́ lókè òkun. Lọ́dún 1982, ẹnì kan tó ń wá kànrìnkànrìn lábẹ́ omi rí ọkọ̀ tó rì ní Uluburun, létí òkun gúúsù Tọ́kì. Ọ̀rúndún kẹrìnlá ṣáájú ìbí Kristi ni ọkọ̀ náà rì. Nínú ẹrù rẹ̀, bàbà tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù mẹ́wàá, táńganran sì tó tọ́ọ̀nù kan. Wo ìṣirò yẹn dáadáa: mẹ́wàá sí ọ̀kan, bí ìgbà tí ẹnì kan ti wọn ohun tí wọ́n máa pò pọ̀ sílẹ̀. Ọba tàbí ọlọ́lá ló lè ra irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ náà ni idà á ti máa jáde.

Òkúta irin, ní tirẹ̀, wà káàkiri, ó tiẹ̀ wà nínú irà. Ìṣòro rẹ̀ ni iṣẹ́ àti ìmọ̀. Lẹ́tà kan wà tí Hattusili Kẹta, ọba àwọn Hítáítì, kọ sí ọba míràn ní ọ̀rúndún kẹtàlá ṣáájú ìbí Kristi. Ọba yẹn ti bèèrè irin dáadáa lọ́wọ́ rẹ̀. Hattusili ní irin dáadáa kò sí nínú àká òun báyìí, wọ́n ṣì ń ṣe é lọ́wọ́, òun á fi ránṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe é tán. Ní báyìí ná, kó gba ojú ọ̀bẹ ìjà kan. Ọba ńlá ni o, ó ń tọrọ àforíjì nítorí irin. Nígbà tí ìmọ̀ náà wá dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ abúlé, ẹni tí kò mọ ọba kankan lè ní ọ̀kọ̀ tirẹ̀. Ìyẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ tó yẹ kí o sọ.

Mo fẹ́ fún ọ ní àpẹẹrẹ tí o lè lò. Ní Hjortspring, irà kan ní erékùṣù Als ní Dẹ́nímáàkì, wọ́n wú ọkọ̀ onígi kan jáde láàárín ọdún 1921 sí 1922. Gígùn rẹ̀ tó mítà mọ́kàndínlógún, wọ́n sì ti kó ohun ìjà kún un kí wọ́n tó rì í ní nǹkan bí ọdún 350 ṣáájú ìbí Kristi. Èrò tó rinlẹ̀ jù ni pé àwọn kan gbógun wá, wọ́n pàdánù, àwọn tó ṣẹ́gun wọn sì fi ohun ìjà wọn rúbọ. Orí ọ̀kọ̀ tí wọ́n rí níbẹ̀ jẹ́ 169. Idà mọ́kànlá péré ni.

Jókòó ti iye yẹn díẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ orí ọ̀kọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí idà kan. Tí ọ̀pọ̀ wọn bá mú ọ̀kọ̀ méjì lọ́wọ́, èyí tí wọ́n máa jù àti èyí tí wọ́n máa fi gún, a jẹ́ pé wọ́n tó ọgọ́rin èèyàn, apata tí wọ́n bá níbẹ̀ sì lé ní ọgọ́ta, kò jìnnà síra. Ó jọ pé àwọn díẹ̀ ló ń ṣáájú pẹ̀lú idà, àwọn tó kù sì ń tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ọ̀kọ̀ àti apata. Nínú orí ọ̀kọ̀ 169 yẹn, 138 ni irin. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n yòókù, eegun àti ìwo ni wọ́n fi ṣe é, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú márùn-ún. Ní àkókò tí a ń pè ní ti irin, àwọn kan ṣì gbé eegun lọ sójú ogun, inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n sì jọ wà pẹ̀lú ẹni tó ní idà.

Lo "ó jọ pé" bí mo ṣe lò ó. Ó ṣeé ṣe kí àwọn tó ṣẹ́gun ti mú idà tó dára jù lọ sílé kí wọ́n tó rì ìyókù. Bí ohun ìjà inú yàrá yín bá sì jẹ́ ti inú sàréè, ìyẹn tún lọ́tọ̀: bí ẹbí ṣe fẹ́ kí aráyé rí òkú wọn ló ń fi hàn, kì í ṣe dandan kó jẹ́ ohun tó gbé lọ sógun. Wá ìwé àkọsílẹ̀ ohun kọ̀ọ̀kan kí o tó lanu. Bí ibi tí wọ́n ti rí i kò bá sí nínú àkọsílẹ̀, má fi ṣe ẹ̀rí ohunkóhun.

Ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ tó bá jẹ́ èmi nìyí. Màá dúró ti àpótí ọ̀kọ̀, màá kẹ̀yìn sí idà, màá ní: "Ẹ̀yin àlejò wa, ọ̀pọ̀ yín á fẹ́ lọ wo idà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bá mi ka ọ̀kọ̀." Lẹ́yìn náà kí o ka iye ọ̀kọ̀ àti iye idà tó wà nínú yàrá, kí o sì bi wọ́n pé ta ló rówó ra èwo. Bí gbogbo ohun tí ẹ kó jọ bá jẹ́ idà, sọ ọ́ fún wọn pé àwọn tó ń rà á fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló fẹ́ràn idà. Ohun tí wọ́n yàn nìyẹn.

Wàyí o, idà tí o fẹ́ gbé sókè. Iyọ̀ wà nínú òógùn ọwọ́. Bí iyọ̀ àti ọ̀rinrin bá pàdé lára idẹ àtijọ́, ohun kan wà tí àwa tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ń pè ní àrùn idẹ: ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé fífẹ́ẹ́rẹ́ á yọ lójú ibì kan bí orí abẹ́rẹ́. O lè nù ún kúrò, á tún padà yọ, abẹ́ rẹ̀ á sì ti máa jẹ. Àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn, tó le, tó sì dán kì í ṣe àrùn, má fọwọ́ kàn án. Èyí tó ń jábọ́ bí lẹ́búlẹ́bú sórí aṣọ àpótí ni kí o sáré pe olùtúnṣe yín sí. Kó wọn ọ̀rinrin inú àpótí náà. Ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, a kì í jẹ́ kó ju ìdá 35 nínú 100 lọ. Bí o bá tiẹ̀ wọ ìbọ̀wọ́, ìyẹn kò ní kí idà má ṣẹ́. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀gá àgbà kan gbé idà sókè fún àwọn oníròyìn. Ìdí èkù rẹ̀ ti jẹ láti inú, ojú idà já, ó ṣubú sórí kápẹ́ẹ̀tì. Fọ́tò rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn lọ́jọ́ kejì.

Mi ò rí idà tiyín, nítorí náà mi ò lè sọ bó ṣe le tó. Olùtúnṣe yín nìkan ló lè sọ ọ́. Tí o bá dandan fẹ́ gbé nǹkan kan sókè, ní kí asúdẹ kan rọ irú rẹ̀ fún yín. Kí ó fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ láìpọ́n, kí ẹ sì kọ "àwòkọ" sára rẹ̀ gbangba, nítorí ẹni tí kò mọ̀ á ní ti òótọ́ ni ẹ gbé sókè.