Èsì: Ibi tí àwòrán ti ń yọ

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwòrán ti wà tẹ́lẹ̀ nínú wínníwínní tí AI fi ń bẹ̀rẹ̀ àwòrán yíyà ni?”

Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ó dà bí tẹlifíṣọ̀n tí kò gbé sítéṣọ̀n ni. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ mọ́dẹ́lì AI tó ń ya àwòrán, wọ́n da wínníwínní bo ojúlówó fọ́tò, wọ́n ní kó fojú díwọ̀n ohun tí wọ́n dà sí i.

Lánàá níbí l'Ákúrẹ́, mo ní kó ya Òkè Ìdànrè ní ìgbésẹ̀ 50. Ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, á fojú díwọ̀n wínníwínní, á yọ díẹ̀ kúrò, á tún un wò. Òkè àti ojú ọ̀run ló kọ́kọ́ yàtọ̀ síra. Àtẹ̀gùn ara àpáta pẹ́ kó tó yọ. Tó bá yọ gbogbo wínníwínní kúrò lẹ́ẹ̀kan, ìpíndọ́gba onírúurú òkè ló máa gbé jáde, bàìbàì bí ọyẹ́.