Ìwàásù fún àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun: ọ̀rọ̀ Hananáyà àti àga kejì

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìjọ wa ní Ṣàgámù ní kí n wàásù lórí Súùmù fáwọn ọmọ ìjọ wa tó wà ní Yúkéè, ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi. Iṣẹ́ alẹ́ lọ̀pọ̀ wọn ń ṣe, àwọn míì ò tíì wọ ṣọ́ọ̀ṣì látìgbà tí wọ́n ti débẹ̀. Kí ni mo lè sọ fún wọn nípa ìgbàgbọ́ àti ìdàpọ̀ tí ò ní dà bíi pé mo jókòó sílé mò ń bá wọn wí?"

Àbúrò, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o. Ọmọ Ṣàgámù lèmi náà, ọdún 13 ni mo lò ní Líìdì kí n tó kó padà wálé, mo dẹ̀ ti wàásù fún irú àwọn èèyàn yìí lọ́pọ̀ ìgbà, mo ti ṣe é bàjẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀, Sáàmù 137 ni mo mú, ibi tí wọ́n ti jókòó létí odò Bábílónì tí wọ́n ń sunkún, tí wọ́n fi dùùrù wọn kọ́ sórí igi. Mo sọ̀rọ̀ ìkọ́kọrẹ́, mo sọ̀rọ̀ Ojúde Ọba, bí regbéregbé ṣe máa ń tẹ̀ lé regbéregbé wọlé ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kẹta Iléyá, gbogbo ilé bú sẹ́kún, èmi náà sunkún. Wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ní Olúwa lò mí. Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, àwọn tó wá ò tó ìdajì. Ẹkún yẹn ti tù wọ́n lára, wọ́n ti gba ilé wọn lọ, kò dẹ̀ sẹ́ni tó mọ orúkọ ẹni tó jókòó tì í. Sáàmù yẹn ò burú o, òótọ́ inú ni wọ́n sọ níbẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ òun nìkan á gbà pé kò sóhun tó kù fóun níbẹ̀ ju kóun máa ka ọjọ́ tóun máa padà lọ.

Jeremáyà orí 29 ni kí ẹ mú, ṣùgbọ́n orí 28 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ ẹsẹ 11 orí 29, èrò àlàáfíà, òun ló wà lára kálẹ́ńdà, òun ló wà lórí sítátọ́ọ̀sì wọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀ ni pé lẹ́tà ni orí yẹn, Jeremáyà wà ní Jerúsálẹ́mù ló kọ ọ́ sáwọn tí Nebukadinésárì ti kó lọ sí Bábílónì. Ẹ̀yin náà wà nílé ẹ̀ ń ránṣẹ́ sí wọn, bákan náà lọ̀rọ̀ yín rí, ẹ tiẹ̀ lè sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Nínú orí 28 ẹ máa rí wòlíì kan tó ń jẹ́ Hananáyà. Ó dúró nínú ilé Olúwa lójú gbogbo èèyàn, ó ní kó tó pé ọdún méjì gbogbo àwọn tí wọ́n kó lọ máa padà, ohun èlò tẹ́ńpìlì máa padà, ó já àjàgà tó wà lọ́rùn Jeremáyà, ó ṣẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ tó dùn ni, ta ni ò ní ṣe àmín sí i? Ẹ dúró díẹ̀ síbẹ̀, ẹ bi wọ́n pé ta ló wà níbí tí ò sọ fún ìyá ẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú pé ọdún méjì péré, mo fẹ́ wá nǹkan díẹ̀ ni, mò ń bọ̀. Gbogbo wa la sọ ọ́. Hananáyà ò sí níta nìkan, ó wà nínú wa, ohun tó dẹ̀ ń ṣe nínú ayé ẹni ni kí ẹ fi hàn wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi gbé yàrá kan ní Líìdì tó jẹ́ pé àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Abọ́ kan, ṣíbí kan, kọ́ọ̀pù kan. Kì í ṣe pé owó ò sí, mo ń kọ́lé sí Ṣàgámù nígbà yẹn, ilé yàrá márùn-ún, mo ń ránṣẹ́ owó símẹ́ńtì, owó páànù, owó ṣíńkì. Mò ń sọ fún ara mi pé kí ni mo fẹ́ ra àga fún, ṣebí mò ń lọ sílé. Àpótí tí mo gbé bọ̀ láti ilé, mi ò tú u tán, aṣọ òkè tí mo gbé dání ṣì wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo máa ń jókòó lẹ́yìn, tí wọ́n bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán mo ti jáde. Mi ò kọ Ọlọ́run sílẹ̀ o, mo ń gbàdúrà, mo ṣáà gbà pé ìjọ mi wà nílé, ibí yìí kàn jẹ́ ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni.

Ní oṣù Jánúárì kan àìsàn gbé mi dè. Ibà, èébì, mi ò lè dìde. Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, níbi iṣẹ́ wọ́n kàn fi orúkọ ẹlòmíì sí ipò mi ni. Nílé wọ́n rò pé mo wà níbi iṣẹ́. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ilẹ̀ á ti máa ṣú níbẹ̀ lásìkò yẹn, mo ń wo fèrèsé, mi ò mọ̀ bóyá àárọ̀ ni àbí alẹ́. Ìyá kan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, tó máa ń jókòó síwájú mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ló wá. Ẹ̀ẹ̀mejì péré la ti sọ̀rọ̀ rí. Ó ní òun kàn rí i pé òun ò rí mi, òun dẹ̀ rántí pé mo sọ orúkọ òpópónà tí mò ń gbé, ó ń bi àwọn ará àdúgbò títí ó fi kan ilẹ̀kùn mi. Ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá nínú fúláàsì. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, aṣọ iṣẹ́ mi ló wà lórí àga kan tó wà níbẹ̀, ó lọ jókòó sórí àpótí mi. Ó ní, "Ọmọ mi, ọdún mélòó lo ti lò níbí tí o ò tíì retí ẹnikẹ́ni?"

Mi ò lè dá a lóhùn.

Ibẹ̀ ni lẹ́tà Jeremáyà ti wọlé. Ẹsẹ 5 ní kí wọ́n kọ́lé kí wọ́n máa gbé inú ẹ̀, kí wọ́n dá oko kí wọ́n jẹ èso ẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fáwọn ọmọ Rẹ́mọ pé Bábílónì ló ní kí wọ́n kọ́ ọ sí o, kò sọ Jerúsálẹ́mù. Àwa Ìjẹ̀bú mọ ilé kọ́ sílé, ẹnikẹ́ni ò ní kọ́ wa, èmi náà dẹ̀ dúpẹ́ pé mo kọ́ tèmi torí inú ẹ̀ ni mo wà báyìí. Ṣùgbọ́n ilé yẹn wà ní títì pa fún ọdún púpọ̀ nígbà tí kò síbi tí ìyá tó wá wò mí máa jókòó sí. Ìyẹn ni kí ẹ gbé síwájú wọn. Ẹ má sọ fún wọn pé kí wọ́n gbàgbé ilé, ẹ ní kí wọ́n ra àga kejì. Ẹ sọ ọ́ báyẹn gẹ́lẹ́. Nígbà témi sọ ọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù lọ́jọ́ kẹta, àga oníke méjì tó rà ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù, kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i.

Ẹsẹ 7 ní kí wọ́n máa wá àlàáfíà ìlú tí wọ́n kó wọn lọ, kí wọ́n gbàdúrà fún un. Níbí ẹ pe orúkọ ìlú tí kálukú wà, ìlú gan-an, ẹ má kàn pè é ní òkè òkun. Ẹ bi wọ́n ṣáájú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ gbàdúrà fún ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ má rò pé nǹkan kékeré ni, ẹni tí wọ́n gbàdúrà fún ìlú ẹ̀ nílé á bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé Ọlọ́run mọ ibi tóun wà.

Mo fẹ́ kìlọ̀ fún yín. Nínú orí 29 yẹn náà, láti ẹsẹ 24, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ṣemáyà gbọ́ lẹ́tà yẹn ní Bábílónì, inú bí i, ó kọ̀wé sí àlùfáà nílé pé kí ló dé tí ẹ ò bá Jeremáyà wí, ẹni tó ránṣẹ́ sí wa pé ìgbèkùn yìí máa pẹ́, ká kọ́lé. Ẹnìkan máa pe àwọn àgbà ìjọ yín lẹ́yìn ìwàásù yìí, á ní ẹ ń gbàdúrà kí ọmọ má padà wálé. Wọ́n pe tèmi náà. Ẹ sọ fún alùfáà yín ṣáájú kó má bà á lójijì, kó dẹ̀ ka ẹsẹ yẹn fẹ́ni tó bá pè.

Ìgbà tẹ́ ẹ bá ti ṣe gbogbo ìyẹn ni kí ẹ tó ka ẹsẹ 11, ẹ ka ẹsẹ 10 mọ́ ọn. Ọdún 70 ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ti di ẹni ọgbọ̀n ọdún nígbà tó gbọ́ lẹ́tà yẹn, àwọn ọmọ ẹ̀ àti ọmọ-ọmọ ẹ̀ ni wọ́n máa padà. Ìlérí yẹn dúró, àwọn tí wọ́n ṣèlérí ọ̀hún fún kàn gbọ́dọ̀ ṣì wà papọ̀ lọ́jọ́ tó bá ṣẹ ni.

Ti ìdàpọ̀ wá, ìwàásù nìkan ò lè ṣe é. Lọ́dọ̀ wa, a kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ ọmọ Rẹ́mọ sílẹ̀, ó túká láàárín oṣù díẹ̀ torí ẹnìkan wà ní Líìdì, ẹnìkan wà lọ́nà jíjìn, ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n máa wọ̀ kí wọ́n tó ríra. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni ká pín ara wa ní mẹ́ta-mẹ́ta, ẹni tó lè fi bọ́ọ̀sì kan dé ilé ẹnì kejì, ì báà jẹ́ ọmọ Ìlọrin. Alẹ́ Sátidé kí ẹni mẹ́ta yẹn pe ara wọn, ìṣẹ́jú márùn-ún, Sáàmù kan. Tí ẹnìkan ò bá gbé fóònù títí di ọ̀sán Sọ́ńdè, kí ọ̀kan nínú àwọn tó kù lọ kan ilẹ̀kùn ẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ mọ nọ́ńbà ilé ara wọn fún ìyẹn, nọ́ńbà fóònù nìkan ò tó. Tí ọkàn ẹnìkan bá wúwo gan-an, tí kò jẹun tí kò sùn, kí àwọn méjèèjì tẹ̀ lé e lọ rí dókítà àdúgbò ẹ̀, kí wọ́n má fi àdúrà nìkan dá a dúró.

Ẹni tó ṣiṣẹ́ alẹ́ máa ń jáde lágogo mẹ́jọ àárọ̀, nítorí náà ẹ má pè wọ́n sí Súùmù lágogo mẹ́wàá, oorun ni wọ́n máa sùn bó ti yẹ. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tiwọn ló dáa. Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù Ọ̀kítóbà wọ́n máa ń dá aago padà níbẹ̀, láti ìgbà yẹn títí di ìparí Máàṣì ẹ̀yin lẹ máa fi wákàtí kan ṣáájú wọn, ẹ kọ aago méjèèjì sínú ìkéde.

Ẹ má sọ̀rọ̀ owó kọ́lékọ́lé ṣọ́ọ̀ṣì nínú ìpàdé yìí rárá. Tí ẹ bá dẹ̀ ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, ẹ má pa Súùmù o. Ẹ jáde níbẹ̀ fúnra yín, kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ lójú kan náà, kí ẹni tẹ́ ẹ ti yàn ṣáájú bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé àdúgbò wo lò ń gbé.