Ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ilé tí mò ń gbé yìí náà ni mo máa ń rí lójú àlá, àmọ́ ilẹ̀kùn kan á wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù tí mi ò rí rí. Tí mo bá ṣí i, màá bá yàrá ńlá kan, ẹ̀rọ ìránṣọ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n faṣọ bò. Wọ́n ní Jung, dókítà ọpọlọ ará Switzerland tó ṣèwádìí nípa àlá, sọ pé ilé lójú àlá, èèyàn fúnra ẹ̀ ni. Ṣé àṣírí kan ni mò ń fi pa mọ́ fún ara mi ni?

Ìdáhùn: Ó lè má jẹ́ àṣírí rárá o. Jung náà lá irú àlá yìí léraléra, pé apá kan wà lára ilé òun tí òun ò mọ̀, lójú àlá náà gan-an ló ti ń yà á lẹ́nu pé báwo lòun ò ṣe mọ ibẹ̀, nígbà tó jọ pé ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Ọjọ́ tó wá rí ibẹ̀ wọ̀, láíbìrì ló bá, àwọn ìwé gbàǹgbà gbàǹgbà ayé ọdún 1500 sí 1700, awọ ẹlẹ́dẹ̀ ni èèpo wọn, àwọn àmì tí kò yé e sì wà nínú wọn. Kò tíì máa ka ìwé álíkẹ́mì, ìyẹn ìmọ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi ń wá bí irin lásán ṣe máa di wúrà, nígbà yẹn, àmọ́ nígbà tó fi máa tó ọdún 15 lẹ́yìn náà, ó ti kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ jọ sílé. Ó ní apá ilé yẹn, apá kan lára òun tóun ò tíì mọ̀ ni. Ẹ rí i pé ohun tó ń bọ̀ ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ohun tó bò mọ́lẹ̀.

Ní tiyín, ẹ̀rọ yẹn ni kẹ́ ẹ dúró tì. Ẹ má lọ wá ìtumọ̀ ẹ̀ nínú ìwé ìtumọ̀ àlá kankan. Ta lẹ mọ̀ tó ń ránṣọ? Ṣé ẹ̀yin náà ti fẹ́ kọ́ ọ rí, kí ló dá yín dúró? Ṣé ó ti dípẹtà ni àbí òwú ṣì wà lójú abẹ́rẹ́? Èyí tó ti dípẹtà yàtọ̀ gan-an sí èyí tó kàn ń retí ẹni tó máa jókòó tì í. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ máa wá bi ara yín pé kí ló pọ̀ jù nínú ayé yín báyìí, torí Jung gbà pé àlá sábà máa ń gbé ẹ̀gbẹ́ tí ojú ò sí wá. Ẹni tó jẹ́ pé fífi ẹnu pàṣẹ ni gbogbo ọjọ́ ẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ lè jẹ́ ohun tó ń pè é, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa sọ bó bá bá yín mu, èmi ò lè sọ ọ́ fún yín látibí.

Ohun kan wà tí èmi máa ń kọ́kọ́ bèèrè ṣá. Ṣé ẹ ń wálé tuntun ni, àbí ẹ̀ ń tún ilé ṣe? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ilé gidi lè ni àlá ń sọ.

Torí pé ó ń padà wá, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kẹ́ ẹ sì kọ bó ṣe ṣe yín lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rù ni o, ìtìjú ni o. Tí ìtumọ̀ tẹ́ ẹ fún un bá sún mọ́ òótọ́, àlá tó tẹ̀ lé e sábà máa ń yí padà, wọ́n lè ti ká aṣọ yẹn kúrò. Tí kò bá yí rárá, ẹ fi ìtumọ̀ yẹn sílẹ̀, kẹ́ ẹ tún padà sí ohun tẹ́ ẹ kọ.