Kọ́ọ̀lù tó ti wọ èrè: kó o lò ó ni àbí kó o tà á

"Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo ra kọ́ọ̀lù kan, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti ra ṣíà ní iye tí wọ́n ti dá sílẹ̀ kí ọjọ́ ẹ̀ tó pé, lórí ṣíà ilẹ̀ Amẹ́ríkà, 3 dọ́là ni mo rà á, 50 dọ́là ló ní kí n fi ra ṣíà náà. Ṣíà ti di 58 báyìí, Bid kọ́ọ̀lù náà, ìyẹn iye tí ẹni tó fẹ́ rà á ń pè, jẹ́ 9.10, ọjọ́ ẹ̀ ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo fẹ́ràn ṣíà yẹn, mo fẹ́ kó di tèmi. Ṣé kí n lò ó ni àbí kí n tà á?"

Àbúrò mi, tà á. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ṣíà yẹn lo fẹ́, kọ́kọ́ ta kọ́ọ̀lù náà ná, kó o wá ra ṣíà lọ́jà bí gbogbo èèyàn ṣe ń rà á.

Wò ó báyìí. Kọ́ńtíráàtì kan, 100 ṣíà ni. Bó o bá tẹ Exercise láti lò ó, 5,000 dọ́là máa kúrò lọ́wọ́ ẹ, wọ́n á gbé ṣíà tó tó 5,800 fún ẹ, èyí tó túmọ̀ sí pé 800 ni kọ́ọ̀lù náà mú wá, ìyẹn la ń pè ní owó inú ẹ̀, 8 dọ́là lórí ṣíà kan. Ṣùgbọ́n Bid tó o rí yẹn, ẹnì kan ló dúró síbẹ̀ tó fẹ́ san 910 fún ẹ lónìí. 110 tó fi lé e yẹn kì í ṣe ẹ̀bùn o, owó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó kù ni, torí ṣíà náà ṣì lè gòkè sí i, bó bá sì já wálẹ̀ dé 40, ohun tẹ́ni náà san nìkan ló máa pàdánù. Bó o bá ti lò ó, owó yẹn ti wọgbó, kò sẹ́ni tó máa san án fún ẹ. Ó dà bíi kéèyàn ṣì ní oṣù mẹ́ta nínú rẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù ní Tàkìé kó lọ dá kọ́kọ́rọ́ padà fún láńdílọ́ọ̀dù, nígbà tí ẹlòmíì wà lẹ́nu ọ̀nà tó fẹ́ san owó oṣù yẹn fún un.

Nísinsìnyí, ti ṣíà tó o fẹ́. Ta kọ́ọ̀lù, gba 910, fi 4,890 tìẹ kún un, ra 100 ṣíà ní 58. Ṣíà kan náà, iye kan náà, 110 dọ́là ṣì wà lápò ẹ. Ẹni tó ń dáhùn ìpè ní ilé iṣẹ́ bírókà kan sọ fún mi nígbà kan pé tí mo bá fẹ́ pa ṣíà mọ́, kí n kúkú lo kọ́ọ̀lù mi. Mo ṣírò ẹ̀ sórí bébà báyìí gẹ́lẹ́ kí n tó dá a lóhùn pé rárá, mo fẹ́ tà á. Kàn wo owó iṣẹ́ tí bírókà ẹ ń gbà lórí títà àti rírà, kó o yọ ọ́ kúrò nínú 110 yẹn.

Ibi tó ti máa ń dà èèyàn láàmú ni ìgbà tí Bid bá kéré ju owó inú ẹ̀ lọ. Níbí l'Ógbòmọ̀ṣọ́ aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán ni ọjà wọn ń ṣí, tó bá jẹ́ ìgbà òtútù wọn ó di mẹ́ta ààbọ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn sì burú, mo ti rí Bid 7.80 lórí kọ́ọ̀lù tí owó inú ẹ̀ jẹ́ 8, pàápàá èyí tó ti jìn wọnú èrè tí èèyàn kì í sábà rà. Má jẹ́ kó kó ẹ láyà jẹ, má sì tà á ní iye tí ọjà bá pè. Fi iye tìẹ sílẹ̀ láàárín Bid àti Ask, ìyẹn iye tí ẹni tó fẹ́ tà á ń pè, dúró, bí wọn ò bá mú un, dín in díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ń rà á lè rà á ní 7.95 kí wọ́n lò ó fúnra wọn, wọ́n á jèrè sẹ́ńtì márùn-ún, ìdí nìyẹn tí ẹni tó máa mú un fi sábà máa ń wà nítòsí 8. Bí kò bá sẹ́nì kankan tó san tó owó inú ẹ̀, tó sì jẹ́ pé ṣíà lo fẹ́, nígbà yẹn lílò ó kò burú.

Wọ́n á tún sọ fún ẹ pé kó o lò ó nítorí dífídẹ́ńdì. Òótọ́ wà níbẹ̀: ẹni tó di kọ́ọ̀lù mú kì í gba dífídẹ́ńdì, iye ṣíà sì sábà máa ń wálẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá yọ ọ́. Bí dífídẹ́ńdì bá jẹ́ 60 sẹ́ńtì, tí owó àkókò tó kù sì jẹ́ 10 sẹ́ńtì péré, má fi kọ́ọ̀lù yẹn sun mọ́jú ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí Bid bá ṣì ju owó inú ẹ̀ lọ, títà náà ló ṣì dáa jù, torí ẹni tó ta kọ́ọ̀lù tó sì ra ṣíà lọ́jọ́ tó ṣáájú máa gba dífídẹ́ńdì yẹn náà. Àwa ọmọ Nàìjíríà sì rántí pé Amẹ́ríkà ń yọ 30% níbẹ̀, 42 sẹ́ńtì ló máa dé ọwọ́ ẹ.

Ẹ̀yìn gbogbo ẹ̀, má jẹ́ kí ó wọ ọjọ́ tó máa kú láìtà á. Bí ṣíà bá fi sẹ́ńtì kan péré ju 50 dọ́là lọ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n máa ń lò ó fún ẹ fúnra wọn, bírókà á sì máa wá 5,000 dọ́là nínú àkáǹtì ẹ.