Ta ni ká kọ́kọ́ kí nínú gbọ̀ngàn àpèjẹ ìgbéyàwó?

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àgbà, àbúrò mi fẹ́ gbéyàwó n'Íbàdàn lóṣù tó ń bọ̀, èmi ni wọ́n sì ní kí n darí ètò nínú gbọ̀ngàn. Báwo ni mo ṣe máa kí àwọn àlejò níbẹ̀rẹ̀, ta ni mo sì máa kọ́kọ́ dárúkọ tí ẹnikẹ́ni ò fi ní bínú?"

Ẹ kú ìmúra ìnáwó o. Ìkíni méjì ló wà nínú iṣẹ́ yìí, ẹni tó bá sì pa méjèèjì pọ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń dàrú mọ́ lọ́wọ́. Èkíní wà fún ìgbà tí àwọn èèyàn ṣì ń ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ibi yìgì bọ̀, tí ọ̀pọ̀ àga ṣì ṣófo. Ẹ má ṣe dárúkọ ẹnikẹ́ni nígbà náà, nítorí ẹni tí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ lè má tíì dé, ẹni tó bá sì wọlé lẹ́yìn náà yóò rò pé ẹ ti fo òun. Ẹ kàn sọ pé, "Ẹ kú ewu ọ̀nà, ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú ìnáwó, ti ayọ̀ ni a ó máa bá ara wa ṣe," kí ẹ sì fi apá tí ẹbí ìyàwó àti ẹbí ọkọ yóò jókòó sí hàn wọ́n.

Ìkíni kejì, èyí tí orúkọ wà nínú rẹ̀, di ìgbà tí alága ètò bá ti jókòó tí wọ́n sì ti gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọba tàbí aṣojú ọba bá wà níjókòó, òun ni ẹ ó kọ́kọ́ kí, lẹ́yìn rẹ̀ alága ètò, lẹ́yìn náà àwọn òbí méjèèjì. Ẹ má dárúkọ ju ìwọ̀nba wọ̀nyí lọ. Tí ẹ bá ti fi orúkọ ọ̀rẹ́ bàbá ìyàwó kan kún un, àwọn ọ̀rẹ́ tó kù yóò máa retí tiwọn, ẹ ó sì rí i lójú wọn, nítorí wọn yóò dákẹ́, wọn yóò tẹjú mọ́ yín, wọn ò sì ní pàtẹ́wọ́ mọ́. Ẹgbẹ́ ni kí ẹ fi kí àwọn tó kù: àwọn àgbà ìjọ, àwọn alfa, ẹgbẹ́ aláṣọ ẹbí, àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ àti ti ìyàwó. Kí ẹ wá fi ẹ̀bẹ̀ dé e pé, "Tí mo bá ní kí n máa kí yín lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wa níbí."

Ọ̀rọ̀ òbí ló le jù. Ìwé tí wọ́n máa ń fún olùdarí ètò kì í sọ gbogbo rẹ̀ tán. Níbi ìnáwó kan tí mo darí ní Bódìjà, ọmọ Ìbàdàn ni ìyàwó, ọkọ sì wá láti Ìjẹ̀bú-Òde. Kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, mo pe obìnrin àgbà kan láti ẹbí kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo bi wọ́n pé, "Ta ló jókòó gẹ́gẹ́ bíi bàbá, ta ló jókòó gẹ́gẹ́ bíi ìyá?" Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé bàbá ọkọ ti di olóògbé, àbúrò rẹ̀ ló dúró fún un, bẹ́ẹ̀ orúkọ olóògbé náà ló wà nínú ìwé ọwọ́ mi láìsí àmì kankan. Mo tún gbọ́ pé ìyá tó bí ìyàwó kọ́ ló tọ́ ọ, àwọn méjèèjì sì wà níjókòó. Nígbà tó kan wọn, mi ò dárúkọ. Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, tí ẹ bí i, tí ẹ sì tọ́ ọ, ẹ kú oríire." Àwọn méjèèjì dìde, onígángan sì dá wọn lóhùn. Kí ẹ̀yin náà ti bá onílù yín sọ ọ́ ṣáájú pé ẹ̀yìn ìkíni àwọn òbí ni kó wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò tẹ̀ lé ẹni tó ń náwó lọ.

Ní ti Ìbàdàn gan-an, ẹ wádìí bóyá Mógàjí agboolé ìyàwó wà láàárín ẹbí. Ó lè má jókòó sí tábìlì iwájú, fìlà lásán ló lè dé, ṣùgbọ́n òun ni mo máa ń kí ṣáájú olóṣèlú èyíkéyìí, ojú yòówù kí olóṣèlú náà fi wò mí. Ti àwọn àgbà ìjòyè Olúbàdàn tún gba ìṣọ́ra. Láti ọdún 2017 tí ìjọba ti kọ́kọ́ dé àwọn kan nínú wọn ládé, tí ọ̀rọ̀ sì dé kóòtù, ẹ má fi ojú ara yín pinnu bóyá "Kábíyèsí" ni ẹ ó pè wọ́n tàbí "Olóyè." Ẹni tó bá wọn wá ni kí ẹ bi, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe pè é, pẹ̀lú àmì ohùn.

Tí ẹ bá máa ki ìlú, ẹ ki ti méjèèjì. Gbólóhùn kan tó fún "Ìbàdàn Mesí Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé," kí ẹ yára ki ìlú ọkọ náà. Gbogbo ìkíni kejì yìí kò gbọdọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ kà á sókè nílé, kí aago wà níwájú yín. Ohun tó bá lé, nínú orúkọ ni kí ẹ ti gé e, ẹ má gé e nínú ti àwọn òbí.